Ẹ̀rí àgbọ́sọ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn

Ẹ̀rí àgbọ́sọ ni ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ níta ilé ẹjọ́, tí ẹlòmíì wá ń tún sọ níwájú adájọ́ kí wọ́n lè gbà pé òótọ́ ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Abala 37 Òfin Ẹ̀rí Nàìjíríà ti ọdún 2011 ló túmọ̀ rẹ̀. Abala 38 ní ilé ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ gbà á, àfi níbi tí òfin bá ti yọ̀ǹda. Ìdí ni pé ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an kò sí níbẹ̀ láti búra, kí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ sì fi ìbéèrè wá a lẹ́nu wò.

Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ni ká kọ́kọ́ wò. Nínú ẹjọ́ Subramaniam tó wá láti Málàyà lọ́dún 1956, olùjẹ́jọ́ ní àwọn jàǹdùkú fi ikú halẹ̀ mọ́ òun kí òun tó gbé ọta ìbọn. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní kì í ṣe àgbọ́sọ: ẹ̀rù tí ọ̀rọ̀ wọn dá bà á ni wọ́n ń wò, kì í ṣe bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kú lọ ni àyàfi tó yẹ kéèyàn mọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká ro ó báyìí: wọ́n ṣá àgbẹ̀ kan ládàá nínú oko lẹ́yìn Ṣakí. Ìyàwó rẹ̀ sáré dé, àgbẹ̀ náà sì wí fún un pé, “Àkàndé ló ṣá mi. Mo ń kú lọ, bá mi tọ́jú àwọn ọmọ.” Alẹ́ ọjọ́ náà ló kú. Abala 40 gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé: ó dá lórí ohun tó pa á, ikú rẹ̀ sì ni ẹjọ́ ń bi léèrè. Àgbẹ̀ náà tún gbà pé ikú ti sún mọ́ òun, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Kódà bó bá ṣì ń retí pé òun lè yè, òfin Nàìjíríà kò ní torí ìyẹn kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá rò pé ọgbẹ́ kékeré lásán ni, abala 40 kò gbà á.

Ìyàwó fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́, ní ọ̀rọ̀ tí olóògbé lò gan-an. Bí aládùúgbò kan bá wá láti Ìsẹ́yìn, tó ní ìyàwó ló sọ fún òun, àgbọ́sọ ni tirẹ̀. Gbígbà wọlé kò sì túmọ̀ sí pé Àkàndé jẹ̀bi: adájọ́ yóò ṣì bèèrè bóyá ilẹ̀ ti ṣú, àti bóyá olóògbé rí ojú ẹni tó ṣá a.

Ẹ̀rí tí ẹlẹ́rìí tó ti kú jẹ́ nínú ẹjọ́ ìṣáájú náà lè wọlé lábẹ́ abala 46, bí olùjẹ́jọ́ bá ti láǹfààní láti bi í léèrè nígbà náà. Ìjẹ́wọ́ olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ń wọlé lábẹ́ abala 28 àti 29, bí wọn kò bá fìyà jẹ ẹ́ kó tó sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń ṣìnà níbí: ẹni tó jẹ́wọ́ nìkan ni ìjẹ́wọ́ náà ń bá wí. Kò kan ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ́jọ́, àfi bí ẹni yẹn bá fẹnu ara rẹ̀ tàbí ìwà rẹ̀ gbà á.