Dúkà (ọ̀rọ̀ Páálì)

Dúkà (tí àwọn ìwé tí a fi àbídí Rómù tẹ̀ ń kọ báyìí: *dukkha*) jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè Páálì tí ó wà ní ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ Búdà. Páálì ni èdè tí ẹ̀ka Tẹrawádà, èyí tí ó gbilẹ̀ ní Siri Láńkà, Táílàndì àti Míánmà, fi ń tọ́jú àwọn àsọyé Búdà. Dúkà wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn atúmọ̀ èdè kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí: àwọn kan ń túmọ̀ rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ìpinnu yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán, nítorí òun ni ó ń sọ ohun tí òǹkàwé yóò gbà pé Búdà sọ nípa ìgbé ayé.

Ìlò rẹ̀ nínú àwọn àsọyé

Ìlò tí ó gbajúmọ̀ jù lọ wà nínú àsọyé àkọ́kọ́ tí wọ́n ní Búdà sọ fún àwọn ọmọlẹ́yìn márùn-ún ní Isipátánà, nítòsí ìlú Bàránásì ní Íńdíà. Níbẹ̀ ni ó ti ka àwọn òtítọ́ mẹ́rin, dúkà sì ni àkọ́kọ́ wọn. Ó ní dúkà ni ìbí, ogbó àti ikú. Bákan náà ni kí ènìyàn wà pẹ̀lú ohun tí kò fẹ́, kí ó pínyà pẹ̀lú ohun tí ó fẹ́, tàbí kí ó máa wá nǹkan kí ó má rí i.

Nínú gbólóhùn Páálì ibẹ̀, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni dúkà. Ó ń yí ìparí rẹ̀ padà láti bá ìbí, ogbó tàbí ikú mu. Nítorí náà, Búdà kò sọ pé ìyà ni orúkọ mìíràn fún ìbí. Ohun tí ó ń sọ ni irú nǹkan tí ìbí jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ tí ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ orúkọ ti pàdánù ìyàtọ̀ yìí, ibẹ̀ sì ni èrò pé ẹ̀sìn Búdà ka gbogbo ayé sí ìyà ti ń rí ẹsẹ̀ dúró.

Ìlò kejì kéré ju èyí lọ. Bí àwọn àsọyé bá ń sọ nípa ìmọ̀lára, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń kà: èyí tí ó tuni lára, èyí tí ó jẹ́ dúkà, àti èyí tí kò sí nínú méjèèjì. Níhìn-ín, dúkà kò ju ìrora ara tàbí ti ọkàn lọ, irú èyí tí ẹni tí ẹ̀gún gún ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mọ̀.

Àsọyé kan tí ó ń dán ìtumọ̀ wò

Nínú àkójọ tí a ń pè ní Sàmyútà Nikáyà, àsọyé kúkúrú kan wà tí ìlò méjèèjì ti pàdé. Ọmọlẹ́yìn kan dá jókòó, ó ń ronú, ohun kan sì rú u lójú. Búdà ti kọ́ wọn pé ìmọ̀lára mẹ́ta ni ó wà, ọ̀kan péré nínú wọn ni ó sì jẹ́ dúkà. Síbẹ̀, ó tún ti sọ pé ohunkóhun tí ènìyàn bá mọ̀ lára wà lábẹ́ dúkà. Báwo ni méjèèjì ṣe lè jẹ́ òtítọ́? Búdà dá a lóhùn pé òun ni òun sọ méjèèjì, ṣùgbọ́n pé nítorí àìdúróṣinṣin gbogbo ohun tí a so pọ̀ ni òun ṣe sọ èkejì. Ìmọ̀lára tí ó tuni lára kì í ṣe ìrora nígbà tí ó wà. Ṣùgbọ́n kò lè dúró, ẹni tí ó bá gbé ara lé e kò sì ní ìsinmi.

Bí atúmọ̀ bá fi «ìrora» sí ibi méjèèjì, ìdáhùn Búdà kò ní bọ́gbọ́n mu, nítorí yóò dà bí ẹni pé ó ń pe ìtura ní ìrora. Bí ó bá fi «ìrora» sí ibi kìíní, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn sí ibi kejì, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan yóò já gaara, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọlẹ́yìn náà yóò di òfo: kí ni ó rú u lójú nínú ọ̀rọ̀ méjì tí kò jọra? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìtumọ̀ Bhikkhu Bodhi sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2000 nìyí. Ó lo ọ̀rọ̀ ìrora fún ìmọ̀lára, ó sì lo ọ̀rọ̀ ìjìyà fún gbólóhùn kejì. Thanissaro Bhikkhu náà lo ọ̀rọ̀ méjì, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ «másùnmáwo» rọ́pò ìjìyà. Ẹni tí ó bá ka ìtumọ̀ wọn nìkan kò ní mọ̀ pé orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àríyànjiyàn náà dúró lé.

Àwọn tí kò túmọ̀ rẹ̀

Ìwé atúmọ̀ Páálì sí Gẹ̀ẹ́sì tí T. W. Rhys Davids àti William Stede ṣe (1921–1925) ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó gba ibi gbogbo tí dúkà gbà. Ní ọdún 1959, Walpola Rahula, onímọ̀ ọmọ Siri Láńkà, fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìtúmọ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ Búdà. Ìdí rẹ̀ ni pé ìtumọ̀ tí ó wọ́pọ̀ ti jẹ́ kí àwọn ènìyàn ka ẹ̀sìn náà sí ẹ̀sìn àìnírètí.

Ìlànà irú èyí ti wà ní Ṣáínà tipẹ́. Wọ́n ka òfin kan sí Xuanzang, atúmọ̀ ọ̀rúndún keje, tí ó ka oríṣi ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò yẹ kí a túmọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ púpọ̀ wà lára wọn. Síbẹ̀, àwọn ará Ṣáínà túmọ̀ dúkà: ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ohun tí ó korò lẹ́nu ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Fífi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kò tó fúnra rẹ̀. Bí ìwé kan bá kọ «dúkà» láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n tí àlàyé ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìwé ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni «ìyà», ìyà náà ni òǹkàwé yóò máa kà.

Ní èdè Yorùbá

«Ìyà» ni ó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn, òun sì ni ó léwu jù. Bí ènìyàn bá ń jẹ ìyà, a sábà máa ń béèrè ẹni tí ó fi jẹ ẹ́ àti ohun tí ó ṣe. Nínú àsọyé Búdà, kò sí ẹni tí ó ń fi dúkà jẹ ẹnikẹ́ni. «Ìpọ́njú» wúwo jù fún ìmọ̀lára kékeré, «ìrora» sì há jù.

«Ìnira» ni ó sún mọ́ ọn jù. Ó ní òdì tirẹ̀, «ìrọ̀rùn», gẹ́gẹ́ bí dúkà ṣe ní òdì ní Páálì. A lè lò ó fún ara àti fún ọkàn, a sì lè sọ pé ohun kan ń ni ènìyàn lára láìdárúkọ ẹni tí ó fà á. Bí a bá fi í sínú àsọyé tí a yẹ̀ wò lókè, ìbéèrè ọmọlẹ́yìn náà dúró: ìmọ̀lára kan ṣoṣo ni ìnira, síbẹ̀ gbogbo ohun tí a mọ̀ lára wà lábẹ́ ìnira. Àléébù rẹ̀ ni pé «ó nira» lè dún bí «ó ṣòro láti ṣe», pàápàá níbi tí a ti ń sọ nípa ìbí. Nítorí náà, ó bọ́gbọ́n mu kí a lo ìnira káàkiri, kí a sì kọ dúkà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí àsọyé bá ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Àkọtọ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Yorùbá kì í kọ kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀léra wọn bí ti Páálì, ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ ní «dúkà» níhìn-ín. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé kò jìnnà sí «dúkìá», tí í ṣe ohun ìní, nítorí náà a kò gbọ́dọ̀ fi fáwẹ̀lì kankan kún un.