Ìṣirò Àdánù Ọdọọdún: Láti Ọwọ́ Courtney Dé Iwájú Ìgbìmọ̀ Olùdarí

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979, àjọ tó ń rí sí ìdíwọ̀n fún ìjọba Amẹ́ríkà tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde tí wọ́n pè ní FIPS 65. Ní ọdún tó ṣáájú ni ọ́fíìsì ìṣúná ìjọba ti pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba máa yẹ ewu tó lè bá kọ̀ǹpútà wọn wò. Ọ̀dọ̀ Robert Courtney, òṣìṣẹ́ IBM, ni ọ̀nà tí ìwé náà là sílẹ̀ ti wá.

Ta ló lè sọ ní pàtó ìgbà tí iná máa jó yàrá kọ̀ǹpútà? Courtney ò bá ara rẹ̀ jìjàkadì lórí ìyẹn. Ó ní kéèyàn fojú bù ú ní ìlọ́po mẹ́wàá-mẹ́wàá. Lẹ́tà i dúró fún owó: 2 ni $100, 5 ni $100,000, 6 ni mílíọ̀nù kan dọ́là. Lẹ́tà f dúró fún bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí: 1 ni ẹ̀ẹ̀kan ní 300 ọdún, 2 ni ẹ̀ẹ̀kan ní 30 ọdún, 3 ni ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta, 6 ni ojoojúmọ́.

```
ALE = 10^(f+i-3) / 3
```

Ohun tó bá jáde ni àdánù tí a lè retí lọ́dún kan. Ó rọrùn, ó sì ṣeé fi wé owó ààbò. Àmọ́ ẹ wo ewu mẹ́ta yìí: jìbìtì $100 lójoojúmọ́, kọ̀ǹpútà tó ń dákú lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta, tó ń jẹ $100,000, iná tó ń jó lẹ́ẹ̀kan ní 30 ọdún, tó ń jẹ mílíọ̀nù kan. Ẹ ṣírò wọn: $33,333 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iléeṣẹ́ kékeré lè fara da ti àkọ́kọ́ títí ayé, ṣùgbọ́n ti ìkẹta lè tì í pa lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àbùkù tí àwọn alárìíwísí tọ́ka sí nìyẹn, ìjọba sì fagi lé FIPS 65 ní 1995. Ìṣirò náà kò kú ṣá. Ó ṣì wà nínú ìdánwò àwọn amòye ààbò kọ̀ǹpútà.

Nítorí náà, ẹni tó bá gbé $33,333 nìkan síwájú ìgbìmọ̀ olùdarí ti fi ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ pa mọ́, torí kò sí ọdún tí iná máa jó $33,333 gan-an: òfo ni, tàbí mílíọ̀nù kan. Ohun tó yẹ kó sọ ni pé, ní ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀, ó ṣeé ṣe ní nǹkan bí ìdá 29 nínú 100 pé iná á jó. Bí ẹ̀rọ apaná tó ń jẹ $20,000 lọ́dún bá sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan ní 300 ọdún, ìdá 29 á di nǹkan bí ìdá 3, ALE á sì já sí $3,333. Owó tí wọ́n gbà là lọ́dún jẹ́ $30,000. Kí ó sì so àlàfo mọ́ ọn, torí ojú ni wọ́n fi bu 30 ọdún yẹn: bó bá jẹ́ 60 ni òótọ́, ALE àkọ́kọ́ á jẹ́ ìdajì, ẹ̀rọ náà ò sì ní pa owó ara rẹ̀ mọ́. Bí ìgbìmọ̀ bá ṣì fẹ́ rà á nígbà náà, torí pé mílíọ̀nù kan lẹ́ẹ̀kan náà kọjá agbára àpò wọn ni.