Òfin Ìdá: Bí Oníṣòwò Ṣe Ń Fi Òdiwọ̀n Sí Àdánù Òwò Kọ̀ọ̀kan

Òfin ìdá ni ìlànà tí àwọn tó ń rà tó ń tà lọ́jà ṣíà, lọ́jà owó ilẹ̀ òkèèrè àti lọ́jà epo òun irè oko fi ń mọ bí ohun tí wọn yóò rà lẹ́ẹ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Ohun tó sọ ni pé òwò kan ṣoṣo tó bá yíwọ́ kò gbọ́dọ̀ mú ju ìdá kan pàtó lọ nínú gbogbo owó tó wà nínú àkáǹtì. 1% ni àwọn kan ń lò, 2% ni ti àwọn mìíràn. Àdánù ni òfin yìí fi ààlà sí, kì í ṣe iye owó tí a fi rajà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́: wọ́n á ní 1% làwọn ń lò, kí wọ́n wá fi 1% owó wọn ra ṣíà. Ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ohun mẹ́ta ni ìṣirò rẹ̀ ń fẹ́: iye tó wà nínú àkáǹtì lónìí, ìdá tí a yàn, àti àlàfo tó wà láàárín iye tí a fẹ́ rà á àti iye tí a ó ti tà á bí ọjà bá kẹ̀yìn sí wa. Ká ní ẹnìkan ní ₦2,000,000 lọ́dọ̀ alágbàtà rẹ̀, 1% ló sì yàn. ₦20,000 ló gbà láti pàdánù nìyẹn. Ó fẹ́ ra ṣíà kan ní ₦40, ó sì ti pinnu pé bó bá já sí ₦36, èrò òun nípa ilé iṣẹ́ náà kò tọ̀nà, òun yóò jáde. Àlàfo náà jẹ́ ₦4. Bí a bá fi ₦4 pín ₦20,000, a ó rí 5,000 ṣíà, tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦200,000. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò tún dín in kù díẹ̀, nítorí owó iṣẹ́ alágbàtà ń bẹ níbẹ̀ nígbà tí a bá ń rà àti nígbà tí a bá ń tà. Bí ṣíà náà bá já sí ₦36 lóòótọ́, ₦1,980,000 ló kù, ₦19,800 sì ni 1% tí yóò lò fún òwò tó kàn. Bí owó bá ń dínkù, òwò á kéré sí i. Bó bá ń pọ̀, òwò á tóbi sí i, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń rò ó lójú ẹsẹ̀.

Ètò ìṣirò náà ṣe pàtàkì. Ibi tí a ó ti jáde ló ń ṣáájú, ọjà ló sì ń sọ ọ́ fún wa. Iye ṣíà ló ń tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ń yí i po. Wọ́n ti mọ̀ pé ogójì ẹgbẹ̀rún ṣíà làwọn fẹ́, wọ́n á wá fa ibi ìjáde sún mọ́ ₦39.50 kí ìṣirò lè bá ìfẹ́ ọkàn wọn mu. Lórí ìwé, ₦20,000 náà ni àdánù yìí. Ṣùgbọ́n ₦1,600,000 ti wà lórí ṣíà kan ṣoṣo, tí ọjà lè fi àádọ́ta kọ́bọ̀ já láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Lára àwọn tó sọ òfin yìí di ìmọ̀ tí a ń kọ́ni ni Richard Dennis àti William Eckhardt ti Ṣikágò. Láti 1983 ni wọ́n ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, tí wọ́n pè wọ́n ní Ìjàpá, láti mọ̀ bóyá a lè kọ́ ènìyàn ní òwò bí a ṣe ń kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ń wo bí iye ọjà kan ṣe máa ń lọ sókè sódò lóòjọ́, ní ìpíndọ́gba ogún ọjọ́, wọ́n sì pè é ní N. Ẹyọ òwò kan ni ìwọ̀n tó jẹ́ pé bí ọjà bá fi N kan ṣoṣo yí, 1% àkáǹtì ló máa gbé. Wọ́n wá fi ibi ìjáde sí N méjì, nítorí náà 2% ni àdánù ẹyọ kan. Bí ọjà bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹyọ á tóbi. Bó bá ń ru gùdù, ẹyọ á kéré. Wọ́n tún le sí i: bí àkáǹtì bá ti fi 10% dínkù, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣírò bí ẹni pé 20% ló ti lọ.

Kí ló dé tí ìdá fi kéré bẹ́ẹ̀? Nítorí pé òfò kì í dá wá. Ẹni tó ń fi 2% ṣòwò, tó wá pàdánù nígbà mẹ́wàá léraléra, ṣì ní bíi 82% owó rẹ̀. Ẹni tó fi 10% ṣe tirẹ̀ ní 35% péré, owó yẹn sì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta kó tó padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. J. L. Kelly ti ilé ìwádìí Bell ti fi ìṣirò hàn ní 1956 pé ìdá kan wà tó ń mú owó dàgbà jù lọ, àti pé bí a bá ré kọjá rẹ̀, ìdàgbàsókè á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Nínú tẹ́tẹ́ tí a ń jẹ nígbà 55 nínú ọgọ́rùn-ún, tí èrè àti àdánù sì dọ́gba, 10% ni ìdá yẹn. Ẹni tó bá ń fi 20% ta á kò ní kúrò lójú kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń jẹ jù. Nínú òwò, kò sẹ́ni tó mọ 55 tirẹ̀ dájú. Ìdí nìyí tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ fi ń dúró jìnnà sí ìdá Kelly.

Òfin ìdá ní ìdíwọ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni pé òwò máa ń so kọ́ra. Márùn-ún tí a fi 1% 1% ṣe lórí ṣíà báńkì márùn-ún jẹ́ òwò 5% kan ṣoṣo ní ọjọ́ tí ìròyìn búburú bá dé bá báńkì. Àwọn Ìjàpá ní ààlà fún èyí: ẹyọ mẹ́rin lórí ọjà kan, mẹ́fà lórí àwọn ọjà tó jọra gan-an.

Ìdíwọ́ kejì ló le jù. Òfin yìí gbà pé a ó rí ẹni rà á ní iye tí a ti pinnu láti jáde, ọjà kò sì bá wa dá irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án 2011 ni báńkì àpapọ̀ Swítsàlandì ti ń di yúrò mú kó má baà já sí abẹ́ fáráǹkì 1.20. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò wá ń rà á lókè ààlà náà, wọ́n ń fi ibi ìjáde sí abẹ́ rẹ̀ gẹ́rẹ́. Ká ní ẹnìkan ní fáráǹkì 10,000, ó fi òfin 1% rà á ní 1.2010, ìjáde rẹ̀ sì wà ní 1.1990. Fáráǹkì 100 tí a fi 0.0020 pín jẹ́ yúrò 50,000. Kò rú òfin kankan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 2015, báńkì náà kéde pé òun ti jọ̀wọ́ ààlà náà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yúrò ti já sí abẹ́ fáráǹkì 1. Kò sẹ́ni tó ń rà ní 1.1990. Bí alágbàtà bá rí ẹni tà á fún ní 1.00, fáráǹkì 10,050 lọ: gbogbo owó tán, gbèsè sì tún kù. Ká ní àlàfo ìjáde rẹ̀ jẹ́ 0.0200 ni, yúrò 5,000 péré ni ì bá rà, àdánù rẹ̀ ì bá sì jẹ́ nǹkan bíi fáráǹkì 1,000. 1% kan náà ni méjèèjì ń lò. Àlàfo tó tín-ín-rín ló pa ẹni àkọ́kọ́. Alágbàtà Alpari ní Ìlú Ọba wó lulẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, FXCM sì yá mílíọ̀nù 300 dọ́là kó tó lè dúró.

Lọ́jà ṣíà Èkó, ṣíà kò gbọ́dọ̀ já ju 10% lọ lóòjọ́, ìyẹn kò sì dí ewu yìí. Ó lè já 10%, kó má rí olùrà, kó tún já 10% lọ́la, nígbà tí àṣẹ títà rẹ ṣì wà lórí ìlà.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdá rẹ ń ṣiṣẹ́, kọ àdánù tó o pinnu àti àdánù tó o rí gan-an sí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn òwò kọ̀ọ̀kan. Bí èkejì bá ń ju èkíní lọ léraléra, dín ìwọ̀n òwò rẹ kù, kí o sì bi alágbàtà rẹ bóyá ó ní ìjáde tó dá ẹ lójú, èyí tí a ń sanwó lé, àti bóyá o lè jẹ ẹ́ ní gbèsè bí àkáǹtì bá gbẹ.