Ègé, Fáìlì àti Odidi: Orúkọ fún Oríṣi Ìpamọ́ Mẹ́ta Lórí Kọ̀ǹpútà

Oríṣi mẹ́ta ni ìpamọ́ ìsọfúnni lórí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá, ohun tó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìwọ̀n ohun tí ẹ̀rọ lè yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orúkọ tó bá máa yẹ wọ́n ní Yorùbá gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n yìí hàn.

Àkọ́kọ́ ni "ìpamọ́ elégèé". Ègé níhìn-ín ni ìwọ̀n kékeré tó dọ́gba, báìtì 512 tàbí 4,096, tí kò ní orúkọ kankan àfi nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀. "Ìpín" ìbá dára pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún apá dísìkì tí wọ́n bá là sọ́tọ̀. Èkejì, "ìpamọ́ onífáìlì", kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun, nítorí pé fáìlì ti di ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì. Orúkọ àti fódà ni wọ́n fi ń wá a, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sì lè jọ lò ó nípasẹ̀ ìlànà bíi NFS, tí Sun Microsystems gbé jáde ní 1984. Ẹ̀kẹta, irú èyí tí Amazon gbé jáde ní 2006 pẹ̀lú orúkọ S3, ni "ìpamọ́ olódidi". "Ohun" gbòòrò jù fún un, ṣùgbọ́n "odidi" sọ ìwà rẹ̀ gan-an: wọ́n lè ka apá kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ bí báìtì kan péré bá fẹ́ yí padà nínú rẹ̀, odidi mìíràn ni wọn yóò kọ dípò rẹ̀.

Ètò PostgreSQL, tó ń tọ́jú àkójọ ìsọfúnni, fi èyí hàn kedere. Ó máa ń pín tábìlì ńlá sí fáìlì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó gígábáìtì kan, ó sì ń kọ ọ́ ní ojú-ewé báìtì 8,192. Bí iye owó oníbàárà kan bá yí padà, ojú-ewé kan, ìyẹn ègé oníbáìtì 4,096 méjì, ni yóò tún kọ sórí ìpamọ́ elégèé. Bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ odidi, gbogbo ojú-ewé 131,072 inú rẹ̀ ni wọn yóò tún kọ. Àwòrán oníbàárà, tí wọn kì í tún fọwọ́ kàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e wọlé, kò ní ìṣòro yìí, nítorí náà olódidi ló yẹ ẹ́, nígbà tí àkọsílẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣí láti orí kọ̀ǹpútà púpọ̀ yẹ onífáìlì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n so dísìkì elégèé kan tó ní ètò fáìlì ext4 mọ́ kọ̀ǹpútà méjì tí àwọn méjèèjì ń kọ nǹkan sórí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń rántí ègé tó ṣófo lọ́tọ̀, wọn a sì máa kọ nǹkan bo ti ara wọn mọ́lẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé fáìlì tí ọ̀kan kọ kì í hàn lójú èkejì, tí `fsck` sì máa ń ka àléébù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yẹ dísìkì náà wò. Níbi tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà bá ti fẹ́ jọ kọ nǹkan, onífáìlì ni kí wọ́n lò.