Orúkọ Ìkànnì Tí Etí Gbọ́ Tí Ọwọ́ Sì Lè Kọ

Ní ọdún 2006, ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Òháyò lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà bá ara rẹ̀ nínú wàhálà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Universal Tube & Rollform Equipment ni orúkọ rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe páìpù ni ó sì ń tà. Láti ọdún 1996 ni ó ti ní utube.com. Nígbà tí youtube.com dé lọ́dún 2005, tí òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn tó gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ u níbi tó yẹ kí wọ́n tẹ you, nítorí ohùn kan náà ni méjèèjì ní. Èrò ya lu ìkànnì oníṣòwò páìpù débi pé ó ń dákú lemọ́lemọ́. Ilé iṣẹ́ náà gbé YouTube lọ sí kóòtù.

Orúkọ méjèèjì kúrú, wọ́n sì rọrùn láti rántí. Etí ni kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìkànnì lédè Gẹ̀ẹ́sì ní àyẹ̀wò kan tó ń tú irú àléébù bẹ́ẹ̀ fó kí owó tó jáde lápò. Ìdánwò rédíò ni wọ́n ń pè é: bí ẹni tó gbọ́ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan lórí rédíò bá lè tẹ̀ ẹ́ láìṣì, orúkọ náà yege. Ní Yorùbá, “ìdánwò etí” ló bá iṣẹ́ náà mu jù. Orí fóònù, nínú ọkọ̀ èrò, nínú ìfilọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, làwọn ènìyàn ti ń gbọ́ orúkọ báyìí, kì í ṣe lórí rédíò nìkan. Etí náà sì ni a ń dán wò.

Kí ni ká wá pe ohun tí a ń dán wò? Ọ̀pọ̀ a máa pè é ní dòméènì, ẹni tó bá sì yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò yóò rí “agbègbè” tàbí “ilẹ̀ ìjọba”. Àwọn yẹn kò ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ ni ènìyàn ń gbà. Orúkọ ni, èyí tí kọ̀ǹpútà ń yí padà sí nọ́ńbà kó tó lè dé ibi tí ìkànnì wà. Nítorí náà, “orúkọ ìkànnì” ló tọ́. Lẹ́tà a títí dé z, nọ́ńbà 0 sí 9 àti dáàṣì nìkan ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń gbà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Dáàṣì kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Láàárín dọ́ọ̀tì kan sí èkejì, àmì inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 63 lọ.

Òfin lẹ́tà yìí ló fa ìṣòro tó kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ṣ kò sí nínú rẹ̀. Ẹ wo Ṣàngó. Ní Nàìjíríà, àwọn kan ń kọ ọ́ ní Sango, àwọn kan ń kọ ọ́ ní Shango. Ní Bràsíìlì, Xangô ni. Ní Kúbà, Changó ni. Ẹnu kan ló pè é, ọwọ́ mẹ́rin ló kọ ọ́. Ẹni tó bá fi orúkọ òrìṣà náà ṣe ìkànnì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé etí oníbàárà kò ní sọ fún un èwo nínú mẹ́rin ni kó tẹ̀. Ọ àti ẹ kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí o àti e ni gbogbo ènìyàn ń fi rọ́pò wọn.

Ká gbà pé aládìrẹ kan ní Òṣogbo fẹ́ gba orúkọ ìkànnì fún ọjà rẹ̀. Adireosunosogbo.com ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, nítorí ó sọ ọjà, ó sọ odò, ó sọ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ohùn ṣ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ lè kọ Osun tàbí Oshun, ó sì tún lè kọ Osogbo tàbí Oshogbo. Ọ̀nà mẹ́rin ti là síwájú oníbàárà, ọ̀kan ṣoṣo ló sì dé ilé.

Ó wá ronú kan adireeleko.com, torí pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Kò sí ṣ níbẹ̀, àmọ́ ẹ tó parí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kan ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Bí a bá sọ ọ́ kíákíá, ẹyọ kan ni ọ̀pọ̀ yóò kọ: adireleko. Ibi tí ọ̀rọ̀ méjì ti so pọ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn ti fojú sílẹ̀ jù.

Aladire.com ni ó wá yẹ̀ wò. Lẹ́tà méje ni, kò ní ṣ, kò ní fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé ara wọn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni Yorùbá sì ń gbà kọ ọ́ bí kò bá fi àmì sí i. Bí ẹlòmíràn bá ti gbà á, kí ó má sáré fi nọ́ńbà tàbí dáàṣì kún un. Ẹni tó gbọ́ “aládìrẹ eéjì” kò ní mọ̀ bóyá 2 ni kí òun tẹ̀ tàbí eeji. Dáàṣì náà, ṣe ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé rẹ̀. Ó sàn kí ó so iṣẹ́ mọ́ orúkọ ara rẹ̀, bí adirebola, tó bá jẹ́ Bọ́lá ni.

Àwọn kan yóò béèrè ìdí tí a kò fi lè fi àmì Yorùbá sí i tààrà. Láti ọdún 2003 ni ìlànà ti wà tó ń sọ lẹ́tà bíi ẹ àti ṣ di àpapọ̀ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí fóònù rẹ̀ kò ní ṣ kò lè tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, kí orúkọ aláìlámì jẹ́ ojúlówó; bí owó bá wà, kí a gba alámì náà, kí a sì darí rẹ̀ sí i. Yorubaname.com, àkójọ orúkọ Yorùbá tó ń fi àmì sí àwọn orúkọ inú rẹ̀, kò ní àmì kankan nínú àdírẹ́sì tirẹ̀.

Ó ku ohun tó ń tẹ̀lé dọ́ọ̀tì. Àwọn onímọ̀ gírámà ti fún wa ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹ́: àfòmọ́ ìparí. Lọ́dún 2011, ilé ìtajà Overstock ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi o.co polówó ara rẹ̀. Kò sí èyí tó lè kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń tẹ o.com, nítorí .com ti mọ́ wọn lọ́wọ́. Ilé ìtajà náà padà sẹ́yìn. Irú ewu yẹn ló wà nínú .com.ng: ẹni tó gbọ́ “dọ́ọ̀tì kọ́ọ̀mù” lè dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá lágbára kó gba .ng àti .com pọ̀.

Kí aládìrẹ wa tó sanwó fún alágbàtà orúkọ, kí ó pe ènìyàn márùn-ún lórí fóònù, kí àwọn kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó sọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, láìka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ṣì í, kí ó wo ibi tó ti ṣì í. Bí méjì bá ṣì í níbì kan náà, kí ó wá orúkọ mìíràn kí ó tó kọ ọ́ sára pátákó.