Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀: Ìsọdọ̀sìn

Ìsọdọ̀sìn ni kí ìran ẹranko igbó kan yí padà nínú ara àti ìwà, tí ìyípadà náà sì di àjogúnbá fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí kí a kàn tọ́ ẹranko kan dàgbà: ẹ tọ́ ọmọ ìkookò nílé títí yóò fi mọ̀ yín, ìkookò náà ni yóò bí.

Ẹ wo ajá tó ń jẹ ẹ̀bà tó ṣẹ́kù lẹ́yìn búkà àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Ọba Àkran, ní Ìkẹjà. Inú rẹ̀ lè da ẹ̀bà náà dáadáa. Jíìnì AMY2B ló ń jẹ́ kí ara pèsè èròjà tó ń da sítáàṣì. Ìwádìí kan ní ọdún 2013 fi hàn pé ẹ̀dà 2 ni ìkookò ní, ṣùgbọ́n ajá ní láti 4 dé 30. Síbẹ̀, ìyípadà jíìnì yìí kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ bí ìkookò ṣe di ajá. Díńgò ilẹ̀ Ọsirélíà, ajá tí kò bá àgbẹ̀ gbé láti ìgbà pípẹ́, ṣì ní 2 péré.

Egungun ló fi ọjọ́ tó jìnnà hàn. Ní 1914, wọ́n rí egungun ọmọ ajá kan ní Bonn-Oberkassel, Jẹ́mánì, tí wọ́n sin pẹ̀lú ọkùnrin kan àti obìnrin kan ní nǹkan bí ọdún 14,000 sẹ́yìn, ṣáájú iṣẹ́ àgbẹ̀. Eyín rẹ̀ fi hàn pé àìsàn líle ṣe é; ó jọ pé ènìyàn ló tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìlapa àròkọ, ẹ fi egungun ṣáájú, kí jíìnì sítáàṣì tẹ̀lé e.