Èlé 17% tí Celsius ń san, àpò ta ló ti ń jáde?

Ní 2021, Celsius ní òun máa san èlé tó lè dé 17% lọ́dún fún ẹni tó bá kó kọ́ìnì sọ́dọ̀ òun. Wọ́n ń yá àwọn oníṣòwò ńlá ní kọ́ìnì náà ni, òmíì kò tiẹ̀ fi nǹkan dúró. Kí yín tó rí 17 gbà, ẹni tó yá a gbọ́dọ̀ san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí báńkì lè yá lówó, ṣé ó máa gba irú ẹ̀? Ìwádìí tí ilé ẹjọ́ pàṣẹ fi hàn pé èlé tí wọ́n ń san ju èrè wọn lọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, 12 oṣù kẹfà 2022, wọ́n ti ilẹ̀kùn: kò sẹ́ni tó lè gbowó mọ́. Ní oṣù kìíní 2023, adájọ́ ní Níú Yọ́ọ̀kì ní kọ́ìnì inú àkáǹtì Earn ti di ti Celsius. Ẹni tó rò pé òun tọ́jú owó pamọ́ ni, àṣé ó ti yá wọn lówó.